Yàrá mítà 4.0 sí 3.4, táìlì 60 sí 60: mélòó ni yóò tó, gbọọrọ tàbí dáyámọ́ǹdì?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ lẹ táìlì sí ilẹ̀ yàrá kan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.0, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3.4. Táìlì tí mo yàn jẹ́ 60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, mẹ́rin ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn kan péré ló wà níbẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà. Mo tún fẹ́ kí wọ́n fi táìlì yẹn kan náà ṣe ẹsẹ̀ ògiri yíká, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹnì kan ní kí n ra páálí 10, ẹlòmíràn ní 13. Ìyàtọ̀ yẹn ti pọ̀ jù fún yàrá kan ṣoṣo. Mi ò sì tíì pinnu bóyá kí wọ́n tò ó gbọọrọ tàbí kí wọ́n tò ó ní dáyámọ́ǹdì, kí ṣóńṣó táìlì kọjú sí ògiri. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì?

Ọmọ Bíríkìlà

Èyí ò le rárá, Mà. Ẹ sọ gígùn di ìlọ́po ìbú: 4.0 lọ́nà 3.4 jẹ́ sìkúwíà mítà 13.6. Táìlì kan gba 0.36. Ẹ pín 13.6 sí 0.36, ẹ ó rí 37.8, ẹ pè é ní 38. Tó bá jẹ́ gbọọrọ, ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un, ó di 42. Tó bá jẹ́ dáyámọ́ǹdì, ẹ fi ìdá 15 kún un, ó di 44. Páálí 11 ni méjèèjì. Ẹni tó ní 13 ń fi owó yín ṣòfò.

Àṣàkẹ́ Ilé Tuntun

Ẹ má gbàgbé láti yọ ilẹ̀kùn kúrò o. Ilẹ̀kùn 90 sẹ̀ǹtímítà, tó bá ga ní mítà 2.1, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sìkúwíà mítà 2. Ìyẹn á ti dín táìlì márùn-ún kù. Ẹ yọ fèrèsé náà pẹ̀lú. Páálí 10 yẹn gan-an ló tọ̀nà.

Àgbà Onítáìlì

Àǹtí Àṣàkẹ́, ti ara ògiri lẹ ń sọ yẹn, ilẹ̀ sì ni Mà ń bèèrè. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé kì í yọ ohunkóhun kúrò nínú táìlì ilẹ̀. Kódà ńṣe ni ilẹ̀kùn máa ń fi kún un, nítorí pé táìlì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí ògiri ti nípọn. Ilẹ̀kùn máa dín ẹsẹ̀ ògiri kù lóòótọ́, ìyẹn nìkan.

Ní ti ohun tí Ọmọ Bíríkìlà sọ, iye tó rí ò jìnnà sí òótọ́, àmọ́ ọ̀nà tó gbà ni kò dára. Ìdá 10 nínú 100 kò mọ bí yàrá yín ṣe rí. Ẹ fi táìlì wọn ògiri kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ máa gbé ìdá tó bá ṣẹ́kù sókè di odidi:

```
400 ÷ 60 = 6.67  →  7
340 ÷ 60 = 5.67  →  6
7 × 6 = 42
```

Ṣé ẹ rí i, 42 náà ló jáde, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Lójú Ọmọ Bíríkìlà, 38 ni iṣẹ́ máa gbà, mẹ́rin tó kù sì jẹ́ àfikún fún èyí tó bá fọ́. Irọ́ ni. Gbogbo 42 pátá ló máa wọlẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá fọ́, ẹ ti wọ inú gbèsè nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan máa gba odidi mẹ́fà àti ìgé tó jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. Ìgékù tó ṣẹ́ sílẹ̀ jẹ́ 20, kò sì sí bí a ṣe lè rí ìgé 40 mìíràn nínú 20. Torí náà odidi táìlì ni ìgé kọ̀ọ̀kan ń jẹ.

Ìyẹn ló ń mú kí yàrá méjì tó gba sìkúwíà mítà kan náà máa gba iye táìlì tó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí yàrá jẹ́ mítà 4.1 sí 3.32. Sìkúwíà mítà rẹ̀ ṣì jẹ́ 13.6, 42 ni ẹ ṣì máa rí. Àmọ́ tó bá jẹ́ mítà 4.5 sí 3.02, òun náà jẹ́ 13.6, ìlà mẹ́jọ lọ́nà mẹ́fà ló máa gbà, ìyẹn 48, nítorí sẹ̀ǹtímítà méjì péré tó lé lórí mítà 3.

Ọmọ Bíríkìlà

Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ò ní ju ìgékù 20 yẹn nù. A lè fi bẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àgbà Onítáìlì

Ó ṣeé ṣe tí wọ́n bá ń tò ó bíi búlọ́ọ̀kù, tí àlàfo ìlà kan kì í bá ti ìlà kejì pàdé. Ibẹ̀ ni ìgékù ìlà àkọ́kọ́ ti máa ń di ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Nínú títò gbọọrọ, tí gbogbo àlàfo gbọ́dọ̀ bára wọn mu láti ògiri dé ògiri, ìgé gbogbo ní ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Kò sí ibi tí ìgékù 20 máa wọ̀.

Àfi tí ẹ bá ṣe é báyìí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ odidi láti ara ògiri kan. Ẹ fi ìlà àárín yàrá ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí odidi márùn-ún wà láàárín ní ọ̀nà gígùn, kí ìgé tó tó sẹ̀ǹtímítà 50 sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ọ̀nà ìbú, odidi mẹ́rin àti ìgé 50 méjì. Iye náà ṣì jẹ́ 42, àmọ́ ojú ń gbádùn rẹ̀ ju kí ìgé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lọ, ohun tó sì ṣẹ́ kù lára ìgé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá gígùn 60, fífẹ̀ 10. Mà, kí lẹ ní ẹ fẹ́ fi ṣe ẹsẹ̀ ògiri?

Ìyá Ìbejì

Áà! Sẹ̀ǹtímítà 10.

Kọ́lá Oníwọ̀n

Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé onílà, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Tí sípésà tó ń ya táìlì sọ́tọ̀ síra bá jẹ́ mìlímítà 3, tí ẹ sì fi mìlímítà 8 sílẹ̀ ní ẹ̀bá ògiri kọ̀ọ̀kan kí táìlì má bàa fi orí sọ ògiri nígbà tí ooru bá mú un fẹ̀, ìgé ẹ̀gbẹ́ ò ní tó 50 mọ́. Ó máa jẹ́ bíi 48.3. Ìyẹn ni pé ọ̀pá tó ṣẹ́ kù máa fẹ̀ tó 11.5 sẹ̀ǹtímítà, èyí sì dára, torí ẹ ó ní ààyè láti tún etí rẹ̀ gé kó di 10 gan-an.

Nínú 42, 20 ni odidi. Àwọn 22 yòókù jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bí ọ̀pá 60 kan. Mẹ́rin tó wà ní igun tún ń bí ọ̀pá kejì tó kúrú díẹ̀, nítorí wọ́n ń gé wọn lọ́nà méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 15.1. Ẹsẹ̀ ògiri yàrá náà, tí a bá yọ ilẹ̀kùn, jẹ́ mítà 13.9.

Ṣùgbọ́n kí inú wa má tíì dùn jù. Táìlì méjì tó wà níwájú ilẹ̀kùn máa wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, a ò ní gé ọ̀pá kúrò lára wọn. Yọ mítà 1.2, ó ku 13.9. Iye tí a nílò gan-an nìyẹn, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù fún èyí tó bá kán.

Àgbà Onítáìlì

O ṣeun, Kọ́lá. Ọ̀pá tín-ín-rín sì máa ń kán, pàápàá tí táìlì bá jẹ́ irú tó le bí àwo, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìgé àfọwọ́fà fà á kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ. Ọ̀pá 10 ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀rọ abẹ olómi ló fọkàn balẹ̀ jù. Ohun kan tún wà: ẹ jẹ́ kí etí tó ti ilé-iṣẹ́ wá wà lókè, kí ojú ìgé wà nísàlẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pá tó ti ara ìgé ẹ̀gbẹ́ wá ní etí ilé-iṣẹ́ kan, ó tó.

Nítorí náà tó bá jẹ́ gbọọrọ: 42 fún ilẹ̀, kí ẹ ka ẹyọ kan mọ́ ọn fún ọ̀pá tó bá kán, torí odidi táìlì kan máa fún yín ní ọ̀pá márùn-ún. Ó di 43. Páálí 11 jẹ́ 44. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù fún gbogbo àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀. Èmi ò lè fọwọ́ sí i. Páálí 12 ni mo máa sọ.

Ọmọ Bíríkìlà

Ẹyọ kan tó. Ìgé mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́ ìgé tààrà, ta ló ń fọ́ táìlì lórí ìgé tààrà? Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé àwọn ti igun, tó bá fọ́, ohun tó kù lára rẹ̀ ṣì lè di ọ̀pá ẹsẹ̀ ògiri. Páálí 11 ni mo dúró lé.

Àgbà Onítáìlì

Tí ilé ìtajà bá máa ní irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo gbà fún ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara páálí: nọ́mbà ìdì, tó ń sọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀, wà níbẹ̀, nọ́mbà àwọ̀ náà wà níbẹ̀, nígbà míì ti ìwọ̀n pẹ̀lú. Táìlì kan náà tí ìdì rẹ̀ yàtọ̀ lè pọ́n díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kó fi mìlímítà kan tóbi jù ú, ẹ ò sì ní mọ̀ àyàfi tí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹyọ kan tí ẹ bá padà lọ rà ló máa dá yàtọ̀ láàárín yàrá.

Ìyá Ìbejì

Ó yé mi. Dáyámọ́ǹdì ńkọ́? Ó wù mí gan-an ni, àmọ́ tí àfikún rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, màá fi sílẹ̀.

Kọ́lá Oníwọ̀n

Mo ya ìyẹn náà, ó sì yà mí lẹ́nu. Ẹ gbọ́ ọ wò.

Tí ẹ bá yí táìlì 60 sí ẹ̀gbẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó jẹ́ 84.9 sẹ̀ǹtímítà. Tí a bá ka sípésà mọ́ ọn, ó di 85.3. Ìbú yàrá yín gba mẹ́rin nínú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nítorí náà tí ẹ bá fi àárín táìlì kan sí àárín yàrá gan-an, ògiri méjì tó gùn máa gba àárín táìlì tó wà níbẹ̀ kọjá. Ìlàjì onígun mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Mẹ́wàá ni wọ́n, márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ògiri méjì tó kúrú, onígun mẹ́ta kéékèèké mẹ́jọ ló máa wà, tí kò tó ìlàjì, àti táìlì ńlá mẹ́fà tí a kàn gé ṣóńṣó wọn kúrò.

Gbogbo táìlì tí yàrá náà máa fara kàn jẹ́ 49. Bí a bá fi odidi táìlì kan gé onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, 49 ni ẹ máa lò. Àmọ́ bí a bá ń rí méjì nínú odidi kan, ìlàjì mẹ́wàá yẹn máa gba márùn-ún, kéékèèké mẹ́jọ máa gba mẹ́rin. Àpapọ̀ di 40. Ogójì! Ó kéré ju ti gbọọrọ lọ.

Ọmọ Bíríkìlà

Kò ṣeé ṣe. Dáyámọ́ǹdì ò lè gba táìlì tó kéré ju gbọọrọ lọ láé. Ìdá 15 ni gbogbo ayé ń fi kún un.

Àgbà Onítáìlì

Ó ṣeé ṣe, ó sì yé mi ìdí tó fi ṣòro láti gbà. Nínú gbọọrọ yín, ìgé 50 ń fi 10 ṣòfò, kò sì sí ibi tí 10 yẹn máa wọ̀ nílẹ̀. Nínú dáyámọ́ǹdì, nígbà tí ògiri bá bọ́ sí àárín táìlì, ìgékù rẹ̀ ni ìgé ti ògiri kejì. Ìlàjì ìsàlẹ̀ táìlì ló máa wọ ẹ̀gbẹ́ ògiri òkè, ìlàjì òkè tó ṣẹ́ kù á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ìsàlẹ̀ láìyí i padà rárá. Kódà tí táìlì bá ní iṣan bíi ti mábù tó kọjú sí ọ̀nà kan, iṣan náà ò ní dojú rú. Etí ilé-iṣẹ́ méjèèjì wà nínú, ojú ìgé ló kọjú sí ògiri.

Ìdá 15 tí ẹ ń gbọ́ yẹn jẹ́ ìfojúdá fún ìgbà tí ògiri ò bọ́ sí ibi tó dára. Ibi tí ìgé bá ti ju ìlàjì lọ, ẹ ò lè rí méjì nínú ẹyọ kan mọ́.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré lọ ra 40. Ohun mẹ́ta ló máa ba ìṣirò Kọ́lá jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni irin iṣẹ́. Ìgé tó gba ṣóńṣó dé ṣóńṣó jẹ́ 85 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀rọ ìgé àfọwọ́fà tó jẹ́ ti 60 kò lè gé e. Bí ẹni tó ń bá yín lẹ̀ ẹ́ bá mú irú ẹ̀rọ yẹn wá, abẹ ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú ló máa fi gé gbogbo rẹ̀ láìní ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ìlà á sì wọ́. Ìlàjì kan á tóbi, ìkejì á kéré, èyí tó kéré yẹn ò ní wúlò mọ́. Ẹ bi í kí ẹ tó ra táìlì: ẹ̀rọ yín ń gé tó mélòó?

Èkejì ni ṣóńṣó. Onígun mẹ́ta ní igun méjì tó mú, àwọn ló máa ń ré bọ́ nígbà tí abẹ bá ń jáde ní òpin ìgé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ gé bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láti igun kan, á yí táìlì padà, á wá bẹ̀rẹ̀ láti igun kejì kí ìgé méjèèjì pàdé nínú. Síbẹ̀, ẹ ka ẹyọ kan nínú mẹ́wàá sí èyí tó máa bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ògiri fúnra rẹ̀, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Ṣé mítà 3.4 náà ló jẹ́ níbi gbogbo?

Kọ́lá Oníwọ̀n

Òótọ́ ni, ààyè tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Nínú àwòrán mi, ìlàjì kọ̀ọ̀kan fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1.4 kéré sí ìlàjì gidi. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀, 2.8 ló wà láti fi ṣeré, abẹ á sì jẹ mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀. Bí ìbú yàrá bá jẹ́ mítà 3.43 dípò 3.40, ó ti tán. Ìlàjì mẹ́wàá á di odidi mẹ́wàá, 40 á di 45, nítorí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta.

Bàbá Kọ́rídọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti èmi náà. Kọ́rídọ̀ ni, mítà 5 sí 1.1, táìlì 60 kan náà. Mo fẹ́ dáyámọ́ǹdì. Ṣé èmi náà lè rí méjì nínú ẹyọ kan?

Kọ́lá Oníwọ̀n

Rárá, Bàbá. Kọ́rídọ̀ 1.1 ò tó méjì nínú 85. Tí ìlà odidi bá wà láàárín, ìgé tó wà ní ọ̀tún àti òsì á ju ìlàjì lọ, bíi ìdá 63 nínú 100 ní jíjìn, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ odidi. 18 ni mo kà, márùn-ún péré nínú wọn ni kò ní fojú kan abẹ. Gbọọrọ náà máa gba 18, àmọ́ ìgé rẹ̀ rọrùn. Ìyẹn láìka ẹsẹ̀ ògiri o.

Àgbà Onítáìlì

Nínú kọ́rídọ̀ tóóró báyẹn, táìlì 30 ni kí ẹ lò tí dáyámọ́ǹdì bá wù yín dandan. Bí táìlì bá ti kéré sí fífẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ṣòfò ní ẹ̀gbẹ́ ṣe ń dínkù.

Mà, ẹ bá wa mú tépù. Ẹ wọn ìbú yàrá níbi mẹ́ta, ìpẹ̀kun méjèèjì àti àárín. Kí ẹ tún wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì, ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 5.25. Bí ọ̀kan bá gùn ju ìkejì lọ, yàrá náà ti tẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ sì ka ìwọ̀n gidi lára páálí. Táìlì tí wọ́n ń pè ní 60 lè má jẹ́ 60.

Ìyá Ìbejì

Mo ti wọ̀n ọ́n. Igun sí igun bára mu, 5.25 àti 5.26. Ìbú jẹ́ 3.40 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, 3.41 láàárín, 3.42 lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lára páálí, wọ́n kọ 598 sí 598 mìlímítà.

Kọ́lá Oníwọ̀n

598, à ń sọ ọ́. Ṣóńṣó dé ṣóńṣó pẹ̀lú sípésà mìlímítà 3 ti di 85.0 dípò 85.3. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìlàjì yín ṣì fi mìlímítà 8 kéré, kò sí wàhálà. Láàárín, mìlímítà 3 ló kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìgé ti fi mìlímítà méjì ju ìlàjì lọ. Ibẹ̀ ni a ò ti ní rí méjì nínú ẹyọ kan.

Àgbà Onítáìlì

Ó ní àtúnṣe. Ẹ lo sípésà mìlímítà 5. Táìlì á sún sí ìta díẹ̀díẹ̀ láti àárín, tó bá fi máa dé ògiri fèrèsé, ìgé á ti fi bíi mìlímítà mẹ́ta àbọ̀ kéré sí ìlàjì. Méjèèjì pọ̀ jẹ́ 7, abẹ á jẹ 3, ó kọjá.

Ọmọ Bíríkìlà

Àlàfo 5 ti fẹ̀ jù fún táìlì tí etí rẹ̀ gún régé báyẹn, á ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi sípésà sílẹ̀ ní 3, kí ẹ jẹ́ kí àlàfo ẹ̀bá ògiri jẹ́ mìlímítà 12 dípò 8. Táìlì ẹsẹ̀ ògiri àti gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ máa bo ìyẹn.

Kọ́lá Oníwọ̀n

Ó kọjá lóòótọ́, àmọ́ mìlímítà mẹ́rin péré ló kù fún méjèèjì, abẹ á sì mú mẹ́ta. Kò sí ibi tí ọwọ́ ti lè gbọ̀n.

Àgbà Onítáìlì

Ọmọ Bíríkìlà ò ṣì sọ níbí, ojú olúkálukú ni ẹwà wà. Àmọ́ tí ọ̀nà tirẹ̀ bá lẹ máa gbà, abẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, tín-ín-rín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n gbé e síbẹ̀ ní gbígbẹ láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Tó bá wọlé, ẹ máa bá a lọ. Tí kò bá wọlé, ìlàjì bíi mẹ́rin péré ló máa gba odidi tirẹ̀, ti apá ilẹ̀kùn ò ní yí padà.

Ní ti iye páálí fún dáyámọ́ǹdì: 40 fún ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ògiri ò ní rí ọ̀pá ọ̀fẹ́ níbí, nítorí onígun mẹ́ta ni gbogbo ìgékù. Mítà 13.9 máa gba ọ̀pá 24, márùn-ún nínú odidi kan, ìyẹn táìlì márùn-ún. Ẹyọ kan fún abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó di 46. Páálí 12 jẹ́ 48, méjì ló kù fún gbogbo ṣóńṣó tó bá ré, kò tó. Páálí 13 ni. Ẹni tó sọ 13 fún yín mọ̀ pé dáyámọ́ǹdì lẹ fẹ́, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́ bá sì sọ pé òun kì í rí méjì nínú ẹyọ kan, 49 àti mẹ́fà jẹ́ 55, páálí 14 gbáko ni kò sì ní sí àfikún tó ṣe gúnmọ́.

Ìyá Ìbejì

Páálí 11 tàbí 12 fún gbọọrọ, 13 fún dáyámọ́ǹdì. Mo rò pé ó pọ̀ ju báyẹn lọ tẹ́lẹ̀. Màá bi ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́ léèrè bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń gé tó kí n tó sanwó.

Àṣàkẹ́ Ilé Tuntun

Tó bá ṣẹ́ kù, ṣé wọ́n máa gbà á padà?

Ọmọ Bíríkìlà

Odidi páálí tí ẹ ò tíì tú nìkan ni wọ́n sábà máa ń gbà, àwọn míì kì í tilẹ̀ gbà rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà á, kí ẹ má sì tú páálí tó kẹ́yìn títí ẹ ó fi rí i pé ẹ nílò rẹ̀.

Àgbà Onítáìlì

Ẹ̀yin ẹ tú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àyàfi páálí kan, kí ẹ máa mú táìlì láti inú páálí mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ bí ẹ ṣe ń tò ó. Tí àwọ̀ páálí kan bá yàtọ̀ díẹ̀, á pòórá sáàárín yòókù. Èyí tí ẹ ò tú yẹn, ẹ kọ nọ́mbà ìdì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kúrò níwájú yín.